Àyíká ọkọ̀ búrẹ́dì ní Ìlọrin: mo lo aládùúgbò tí ó sún mọ́ jù lọ, àmọ́ pàṣípààrọ̀ abala méjì kò rí nǹkan kan tún ṣe

Oníbúrẹ́dì Gérí kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi ṣètò ọkọ̀ búrẹ́dì tí ó ń gbéra ní ìdájí láti ìhà Gérí Alímì, tí ó ń já búrẹ́dì fún oníbàárà mẹ́fà, tí ó sì gbọ́dọ̀ padà sílé kí ó tó tún gbé òmíràn. Mo fi 0 pe ilé búrẹ́dì, mo fi 1 dé 6 pe àwọn oníbàárà, mo sì fi kìlómítà wọn ibi tí olúkúlùkù wà lórí àwòrán:

```
0 (0,0)   1 (2,0)   2 (6,0)   3 (9,0)
4 (8,3)   5 (4,3)   6 (1,3)
```

Mo kọ́kọ́ ní kí kọ̀mpútà máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù lọ nínú àwọn tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó fún mi ní 0-1-6-5-2-3-4-0, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 26.47. Láti 4 padà sí 0 nìkan jẹ́ 8.54. Mo wá gbé pàṣípààrọ̀ abala méjì lé e, ìyẹn kí a gé abala méjì kí a sì so àyíká náà padà lọ́nà mìíràn bí ó bá kúrú jù, àmọ́ ó ní òun kò rí ohun tí òun lè tún ṣe, bẹ́ẹ̀ ojú lásán rí i pé àyíká náà kò dára. Kí ló fà á? Lúùpù náà rèé, `t` ni àkójọ bùdó bí a ṣe ń tọ̀ wọ́n, `d` sì ni ìjìnnà láàrin bùdó méjì:

```python
n = len(t)
for i in range(n - 1):
    for j in range(i + 2, n - 1):
        a, b = t[i], t[i+1]
        c, e = t[j], t[j+1]
        if d(a,c) + d(b,e) < d(a,b) + d(c,e):
            t[i+1:j+1] = t[i+1:j+1][::-1]
```

Akẹ́kọ̀ọ́ Tánkẹ̀ fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, lójú tèmi, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni ó fa wàhálà, kì í ṣe pàṣípààrọ̀ náà. Kò sí òfin tí ó ní kí ìṣirò bẹ̀rẹ̀ láti ilé búrẹ́dì, nítorí pé àyíká ni. Ibi yòówù kí kọ̀mpútà ti bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ yín ṣì lè wọ inú rẹ̀ láti 0. Mo gbé àwọn òǹkà yín sínú kọ̀mpútà mi, mo sì ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ oníbàárà 5. Ó lọ sí 6, ó lọ sí 0, ó wá tọ 1, 2, 3 àti 4 lẹ́sẹẹsẹ, ó sì padà sí 5. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 22.32, láìsí pàṣípààrọ̀ kankan. Ẹ dán ibi ìbẹ̀rẹ̀ méjèèje wò, kí ẹ mú èyí tí ó kúrú jù, ó ti parí nìyẹn.

Ẹ tún wo àwòrán náà dáadáa. Ìlà tí ó ti 4 wá sí 0 dábùú ìlà 5-2, ó sì tún dábùú ìlà 1-6. Níbi tí ìlà méjì bá ti dábùú ara wọn, àyíká náà kò lè jẹ́ èyí tí ó kúrú jù lọ.

Bàbá Oníṣirò fèsì:

Àbúrò mi Akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí o sọ nípa ibi ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n oríire ni o bá pàdé. Nígbà tí kọ̀mpútà rẹ dé ọ̀dọ̀ 6, ìjìnnà sí 0 àti ìjìnnà sí 1 dọ́gba, 3.16 ni méjèèjì, ó sì mú 0 kìkì nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ bá nínú àkójọ. Ká ní 1 ni ó mú ni, 24.32 ni ìbá fún ọ. Bẹ̀rẹ̀ láti 6 wàyí, kí o sì máa mú òǹkà tí ó kéré níbi tí ìjìnnà bá ti dọ́gba, wàá rí 27.77, èyí tí ó tún gùn ju ti Oníbúrẹ́dì lọ. Ọgbọ́n kan náà, ojú àwòrán kan náà, ó sì fún wa ní 22.32 níhìn-ín àti 27.77 lọ́hùn-ún. Dídán gbogbo ibi ìbẹ̀rẹ̀ wò dára gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, kò sì náni ní nǹkan púpọ̀, àmọ́ kò lè dúró nípò àtúnṣe.

Ìdí rẹ̀ ni pé lílọ sọ́dọ̀ aládùúgbò tí ó sún mọ́ jù kì í wo ẹ̀yìn ọ̀la. Ó ń kó àwọn abala kéékèèké jẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń fi àwọn kan sílẹ̀ lẹ́yìn, nígbà tí ilẹ̀ bá sì kún, kò sí ibi tí ó kù ju kí ó gba ọ̀nà gígùn lọ kó àwọn tí ó kù tàbí kí ó gbà á padà sílé. Nínú èyí tí Oníbúrẹ́dì ní, gbogbo abala mẹ́fà àkọ́kọ́ kò ju 3.61 lọ, ìkeje nìkan wá jẹ́ 8.54. Abala ìkeje yìí gan-an ni àrùn náà wà.

Òun náà sì ni kóòdù yín kò wò rárá, Oníbúrẹ́dì. Ẹ wo ibi tí `j` dúró. Ó dúró ní `n - 2`, èyí tí ó túmọ̀ sí pé abala tí ó kẹ́yìn tí ó lè yẹ̀ wò ni láti 3 sí 4. Àkójọ `t` kò kọ 0 lẹ́ẹ̀kejì ní ìparí, nítorí náà abala 4-0 wà nínú àròpọ̀ yín, àmọ́ kò sí nínú lúùpù. Àyíká oníbùdó méje ní oríṣi abala méjì méjì tí kò kanra wọn, mẹ́rìnlá ni wọ́n. Lúùpù yín wo mẹ́wàá. Mo fọwọ́ ṣe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lórí ìwé, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dín ọ̀nà kù, nítorí náà òtítọ́ ni kọ̀mpútà yín sọ nípa ohun tí ẹ fi hàn án. Mẹ́rin tí ó kù ni àwọn tí 4-0 wà nínú wọn, méjì nínú mẹ́rin yìí sì ni èrè wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe èyí tí èrè rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ gé abala 5-2 àti abala 4-0. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 3.61 àti 8.54, ìyẹn 12.15. Bí ẹ bá gé wọn, okùn méjì ni ó kù lọ́wọ́ yín: ọ̀kan ni 0-1-6-5, èkejì ni 2-3-4. Ọ̀nà kan ṣoṣo mìíràn ni ó wà láti so wọ́n padà di àyíká kan: kí 5 so mọ́ 4, kí 2 so mọ́ 0. Abala tuntun méjèèjì jẹ́ 4 àti 6, ìyẹn 10. Ẹ ti jèrè 2.15, àyíká náà sì di 0-1-6-5-4-3-2-0, tí ó jẹ́ 24.32. Ẹ kíyè sí i pé a ní láti rin okùn kejì padà sẹ́yìn, 4-3-2 dípò 2-3-4. Ìyẹn ni ohun tí ìlà tí ó kẹ́yìn nínú kóòdù yín ń ṣe.

Ní báyìí, ẹ gé 1-6 àti 2-0, tí wọ́n jẹ́ 3.16 àti 6. Ẹ so 1 mọ́ 2, kí ẹ so 6 mọ́ 0: 4 àti 3.16. Ẹ jèrè 2 gééré, ó sì di 0-1-2-3-4-5-6-0, kìlómítà 22.32. Nínú àwòrán yìí pàtó, ó ṣeé fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò sí èyí tí ó kúrú ju èyí lọ, nítorí pé kò sí oníbàárà kankan láàrin. Gbogbo wọn wà létí òde, a sì tọ etí òde náà yí po.

Àtúnṣe kóòdù náà kò ju èyí lọ:

```python
for i in range(n - 1):
    for j in range(i + 2, n):
        if i == 0 and j == n - 1:
            continue
        a, b = t[i], t[i+1]
        c, e = t[j], t[(j+1) % n]
```

Ìlà `continue` yẹn ń fo abala àkọ́kọ́ àti èyí tí ó kẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá pàdé, nítorí pé àwọn méjèèjì jọ kan 0, kò sì sí ohun tí a lè pààrọ̀ láàrin wọn.

Ìyá Olóògùn fèsì:

Ẹ kú àlàyé o, Bàbá. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ fi ń ka ìpadàbọ̀ mọ́ ọn? Èmi ń pín oògùn láti Ìlọrin lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, Ọ̀fà, Èrìn-Ilé àti Òró, awakọ̀ mi sì máa ń sùn sí Òmù-Àrán lọ́dọ̀ ìdílé rẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ó ń padà, ìpadàbọ̀ yẹn kò sì kan ẹrù rárá. Mo rò pé kí Oníbúrẹ́dì yọ ìpadàbọ̀ kúrò nínú àròpọ̀ rẹ̀, yóò sì rí i pé àyíká rẹ̀ ti dára tẹ́lẹ̀.

Bàbá Oníṣirò fèsì:

Ìyá wa, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ sí ti Oníbúrẹ́dì. Ọkọ̀ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sílé ní òwúrọ̀ yẹn kan náà kí ó lè gbé ẹrù kejì. Epo tí ó jó láti 4 sí 0 kò ní di ọ̀fẹ́ nítorí pé a kò kà á. Ṣùgbọ́n ó ṣe mí ní ìdùnnú pé ẹ gbé e wá, nítorí pé lúùpù àkọ́kọ́ tí Oníbúrẹ́dì kọ, èyí tí mo ní kí ó tún ṣe, òun gan-an ni ó bá yín mu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ìlọrin, ẹ parí sí Òmù-Àrán, orí àti ìdí ìrìn yín kò sì gbọ́dọ̀ yẹ̀. Lúùpù tí kò wo abala ìpadàbọ̀ kì í fọwọ́ kan bùdó àkọ́kọ́ àti èyí tí ó kẹ́yìn, ó kàn ń to àwọn tí ó wà láàrin.

Bí ó bá jẹ́ pé awakọ̀ yín lè sùn sí ìlú yòówù tí iṣẹ́ bá parí sí, ẹ ó nílò ohun kan sí i: ẹ gé abala kan ṣoṣo, láti `a` sí `b`, kí ẹ yí gbogbo ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ padà, kí ẹ sì fi ìjìnnà láti `a` sí bùdó tí ó kẹ́yìn wé ìjìnnà láti `a` sí `b`. Èyí tí ó bá kúrú ni kí ẹ mú. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà tiyín, níbi tí Àjàṣẹ́-Ìpo ti jẹ́ oríta fún Ọ̀fà níhìn-ín àti Òmù-Àrán lọ́hùn-ún, mi ò rò pé kọ̀mpútà máa rí ohun tí awakọ̀ yín kò tíì rí.

Awakọ̀ Ọjà-Ọba fèsì:

Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì ní àtakò kan sí ọ̀rọ̀ ìlà tí ó dábùú ara wọn. Lórí ìwé ni ìlà ti ń dábùú. Nínú Ìlọrin tí èmi ń wa ọkọ̀, Odò Àsà gba àárín ìlú kọjá, gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ bọ́ sí òdìkejì gbọ́dọ̀ wá afárá. Oníbàárà méjì lè kọjú síra wọn lórí àwòrán, kí ẹ wò ó pé kìlómítà kan ni, kí ẹ tó dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ gba afárá yí po, ó ti di mẹ́rin. Bákan náà, abala méjì tí ó dà bí ẹni pé wọ́n dábùú ara wọn lè jẹ́ pé afárá kan náà ni wọ́n jọ ń gbà, kò sì sí àléébù kankan níbẹ̀. Ṣé ẹ fi ojú ọ̀nà wọn án ni, Oníbúrẹ́dì, tàbí rúlà ni ẹ gbé lé àwòrán?

Bàbá Oníṣirò fèsì:

Awakọ̀ sọ òótọ́, Akẹ́kọ̀ọ́ náà sì jàre dé ìwọ̀n. Bí ìjìnnà bá jẹ́ ti rúlà, ìlà méjì tí ó dábùú ara wọn máa ń fi hàn dájú pé pàṣípààrọ̀ kan wà tí ó lérè, nítorí pé láàrin bùdó méjì, kò sí ọ̀nà tí ó kúrú ju èyí tí ó tọ́ gbọọrọ lọ. Òdìkejì rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: àyíká lè wà láìsí ìdábùú kankan, kí ó má sì jẹ́ èyí tí ó kúrú jù. Nígbà tí ìjìnnà bá wá jẹ́ ti ojú títì, àwòrán kò tún jẹ́ ẹlẹ́rìí mọ́. Tábìlì ìjìnnà nìkan ni kí ẹ gbọ́. Kóòdù náà kò yí padà. Ohun tí `d` ń kà ni kí ẹ pààrọ̀, kí ó máa ka tábìlì tí ẹ fi mítà ọkọ̀ wọ̀n.

Oníbúrẹ́dì Gérí fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Rúlà ni mo lò fún ìdánwò yìí, àwọn oníbàárà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì wà ní ìhà kan náà odò, ìdí nìyẹn tí n kò fi tíì ronú kan afárá. Mo tún lúùpù náà ṣe gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti kọ ọ́. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ 24.64 ni ó fún mi, 0-1-4-3-2-5-6-0, kì í ṣe 24.32 tàbí 22.32 tí ẹ kọ. Ìṣirò wo ni ó tọ̀nà?

Bàbá Oníṣirò fèsì:

Méjèèjì tọ̀nà. Èmi yẹ gbogbo mẹ́rìnlá wò, mo sì mú èyí tí èrè rẹ̀ pọ̀ jù. Kóòdù yín ń mú èyí tí ó bá kọ́kọ́ bá pàdé tí ó lérè, ó sì kọ́kọ́ dé orí abala 1-6 pẹ̀lú 4-0, tí èrè rẹ̀ jẹ́ 1.84. Kò burú bẹ́ẹ̀; ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fẹ́ràn bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó yára.

Ohun tí ó burú ni pé ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì dúró. Lẹ́yìn pàṣípààrọ̀ yẹn, abala 1-4 àti abala 2-5 ṣẹ̀ṣẹ̀ di èyí tí a lè pààrọ̀ pẹ̀lú èrè 2.31, àmọ́ `i` ti kọjá ibẹ̀, kò sì padà. Ẹ fi `while` yí gbogbo lúùpù náà ká, kí ó máa tún un rìn títí yóò fi rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìrí ohun kan pààrọ̀. Ìrìn kejì yóò gbé yín dé 22.32, ìkẹta yóò sì kàn jẹ́rìí pé kò sí nǹkan mọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń fi `while` sí i, ẹ jẹ́ kí èrè ju `1e-9` lọ kí ẹ tó gbà á. Kọ̀mpútà kì í kọ òǹkà bíi 3.1622776 tán, ó máa ń gé ìdí rẹ̀, ìgékù kékeré yẹn sì lè mú kí ó rò pé òun jèrè níbi tí méjèèjì ti dọ́gba. Nígbà náà yóò máa pààrọ̀ síwá sẹ́yìn títí iná yóò fi lọ.

Oníbúrẹ́dì Gérí fèsì:

Ó ti dé 22.32, mo dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá wo iṣẹ́ náà, ó sì ní kí n ronú lórí ohun kan. Láti 3 sí 4 kò sí wàhálà, 3.16 ni. Láti 4 padà sí 3, títì onílànà méjì ni, ìgànnà kékeré wà láàrin, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ yí padà ní ráúndábáòtù kí ó tó lè wọlé. Ìyẹn fi kìlómítà 2.5 kún un, ó di 5.66. Mo fi èyí sínú `d`, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti àyíká àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ 26.47, kóòdù sì tún fún mi ní 22.32. Ṣé mo lè gbà á gbọ́ báyìí?

Bàbá Oníṣirò fèsì:

Ẹ lè gba ìdáhùn yẹn gbọ́, ẹ má gba ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ gbọ́.

Pàṣípààrọ̀ tí ẹ kọ ń wo abala mẹ́rin péré: méjì tí a gé, méjì tí a so. Kò wo àwọn tí ó wà nínú okùn tí a yí padà, nítorí pé bí lílọ àti bíbọ̀ bá dọ́gba, yíyí wọn padà kò lè yí òǹkà wọn. Lọ́dọ̀ yín báyìí, kò dọ́gba mọ́. Ẹ wo pàṣípààrọ̀ tí mo fọwọ́ ṣe lókè, tí 2-3-4 di 4-3-2. Kóòdù yóò ní òun jèrè 2.15, àmọ́ nínú okùn yẹn, 3 sí 4 ti di 4 sí 3, 2.5 sì ti wọ inú rẹ̀ láìfọhùn. Lóòótọ́, ẹ pàdánù 0.35. Èyí tí kóòdù yín mú, tí èrè rẹ̀ jẹ́ 1.84, òun náà yí 3-4 padà, 0.66 ni ẹ pàdánù níbẹ̀. Ìrìn kejì ni ó tún yí i sí bí ó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tí ẹ fi bọ́ sórí 22.32. Lórí oníbàárà púpọ̀, kò ní bọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà láti mọ̀ rọrùn. Ẹ ní òǹkà kan tí ó ń yọ èrè kọ̀ọ̀kan kúrò nínú 26.47. Lẹ́yìn pàṣípààrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ tún gbogbo àyíká kà láti orí dé ìdí, kí ẹ fi méjèèjì wéra. Lẹ́yìn àkọ́kọ́, èyí tí ẹ ń yọ yóò sọ pé 24.64, àkàtúnkà yóò sì sọ pé 27.14. Ibi tí wọ́n bá ti yapa, abala kan tí lílọ rẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú bíbọ̀ rẹ̀ wà nínú okùn tí ẹ yí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tánkẹ̀ fèsì:

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, bí a bá wá ka inú okùn mọ́ èrè náà, tí a sì kọ gbogbo pàṣípààrọ̀ tí ó ń pàdánù, ṣé kì í ṣe pé a máa há sórí 26.47 ni? Àwọn méjì péré ni ó lérè tẹ́lẹ̀, méjèèjì sì ti di àdánù báyìí. Bẹ́ẹ̀ 22.32 wà níbẹ̀, ó sì ń gba 3 lọ sí 4 bí ó ṣe yẹ.

Bàbá Oníṣirò fèsì:

Ìbéèrè tí ó dára jù nínú ìjíròrò yìí nìyẹn. A máa há, àyàfi bí a bá rántí pé okùn méjì ni a gé. Nígbà tí ẹ gé 5-2 àti 4-0, kì í ṣe dandan kí ẹ yí 2-3-4. Ẹ fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí ẹ yí okùn kejì, 0-1-6-5, kí ó di 5-6-1-0. Àyíká yín di 2-3-4-5-6-1-0-2. Abala kan náà ni a lò, àmọ́ òdìkejì ni a ń rìn ín, 3 sì ń lọ sí 4. Ó jẹ́ 24.32, ó lérè 2.15 ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà ẹ gé 6-1 àti 0-2, ẹ yí 1-0 di 0-1, ó sì di 22.32. Níbi tí lílọ àti bíbọ̀ bá dọ́gba, okùn tí ẹ bá yí kò já mọ́ nǹkan kan, ẹ kàn ń yí èyí tí ó kúrú kí iṣẹ́ lè yá. Níbi tí wọn kò bá dọ́gba, pàṣípààrọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì, ẹ sì gbọ́dọ̀ wo méjèèjì.

Iye tí ẹ san fún un ni pé ìyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan kì í ṣe abala mẹ́rin mọ́. Ẹ ní láti ka inú okùn náà. Fún oníbàárà mẹ́fà, tàbí ogójì pàápàá, kọ̀mpútà kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Ìyá Olóògùn fèsì:

Ẹ forí jì mí, ṣùgbọ́n oníbàárà mẹ́fà ni a ń sọ. Kí ló dé tí a kò ní kí kọ̀mpútà kàn to gbogbo rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, kí ó mú èyí tí ó kúrú jù?

Bàbá Oníṣirò fèsì:

Ìyá wa, ẹ jàre pátápátá. Bí lílọ àti bíbọ̀ bá dọ́gba, 360 ni gbogbo àyíká tí ó wà; bí wọn kò bá dọ́gba, 720 ni. Kọ̀mpútà yóò kà wọ́n tán kí ẹ tó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì, òun náà ni mo sì fi yẹ 22.32 wò. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá di méjìlá, 720 yẹn ti di 479,001,600, ogún kò sì ṣeé fẹnu sọ. Kí Oníbúrẹ́dì lo títò gbogbo rẹ̀ láti fi dán kóòdù rẹ̀ wò lórí mẹ́fà, kí ó tó gbé e lé púpọ̀ lórí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tánkẹ̀ fèsì:

Mo ti kà á pé ọdún 1958 ni Croes ti kọ̀wé lórí pàṣípààrọ̀ abala méjì yìí. Nínú àwọn ìdánwò tí Johnson àti McGeoch ṣe lórí ọ̀pọ̀ bùdó tí a fọ́n ká lórí pẹpẹ, aládùúgbò tí ó sún mọ́ jù lọ sábà máa ń gùn ju ìwọ̀n tí kò ṣeé dín kù lọ ní nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, pàṣípààrọ̀ sì ń dín in kù sí nǹkan bí ìdá márùn-ún. Ti Oníbúrẹ́dì fi ìdá 18 àti ààbọ̀ gùn ju èyí tí ó dára jù lọ, nítorí náà kò jìnnà síra.

Mo tún rí i pé a lè gbé oníbàárà 6 àti 5 papọ̀, kí a yí wọn padà, kí a sì fi wọ́n sáàrin 4 àti 0. Ó dé 22.32 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì fọwọ́ kan 3-4. Ṣé ìyẹn kò sàn ju wíwo ojú méjì lọ?

Bàbá Oníṣirò fèsì:

Ó sàn níhìn-ín, nítorí pé okùn kékeré ni o gbé. Ó ń gé abala mẹ́ta, kì í ṣe méjì, nítorí náà kì í ṣe pàṣípààrọ̀ abala méjì mọ́. Mo máa ń fi kún un: bí pàṣípààrọ̀ bá há, mo máa ń gbé oníbàárà kan, méjì tàbí mẹ́ta papọ̀ lọ síbòmíràn. Ìdá tí o kà yẹn, má fi ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni lórí bùdó méje. Bùdó púpọ̀ ni ó wà fún.

Awakọ̀ Ọjà-Ọba fèsì:

Gbogbo rẹ̀ dára, àmọ́ kìlómítà kọ́ ni ó ń dá búrẹ́dì dúró, àkókò ni. Ní ìdájí, Pósítófíìsì ṣófo. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ti jáde, abala kan náà lè gba ìlọ́po mẹ́ta. Bí ẹ bá yí okùn kan padà, kì í ṣe ìhà tí a ń kọjú sí nìkan ni ó yí, agogo tí a dé ibẹ̀ náà yí.

Bàbá Oníṣirò fèsì:

Òótọ́ ni, ìyẹn sì ni ibi tí ọgbọ́n yìí ti rọ jù. Nígbà tí ìnáwó abala bá dá lórí agogo, gbogbo ohun tí ó wà lẹ́yìn ibi tí a gé ni ó yí, kì í ṣe inú okùn nìkan. Ẹ gbọ́dọ̀ tún àyíká kà láti ibẹ̀ dé ìparí kí ẹ tó mọ èrè. Lójú tèmi, kí Oníbúrẹ́dì ṣe tábìlì méjì, ọ̀kan fún ìdájí, ọ̀kan fún ẹ̀yìn agogo méje, kí ó ṣe àyíká lórí ti ìdájí, kí ó sì fi èkejì dán an wò.

Awakọ̀ Ọjà-Ọba fèsì:

Mi ò fara mọ́ ọn. Ọkọ̀ tí ó gbéra ní agogo márùn-ún ààbọ̀ yóò ṣì wà lójú ọ̀nà ní agogo méje, tábìlì méjèèjì ni yóò rìn nínú ìrìn kan ṣoṣo. Kí ó kọ́kọ́ mọ oníbàárà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń bá ní agogo méje, kí ó tó pín tábìlì.

Oníbúrẹ́dì Gérí fèsì:

Nínú àyíká 22.32, 4 tàbí 5 ni ọkọ̀ máa ń wà nígbà yẹn, ó kù sí bí wọ́n bá ṣe tètè já ẹrù lọ́dọ̀ 3. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yóò wọn abala 4-5 àti 5-6 ní àkókò méjèèjì, lílọ àti bíbọ̀, n ó sì gbé tábìlì náà wá síbí.